Orin Olórin, Ojú Olójú: Àṣẹ Tó Yẹ Kí Ó Wà Lẹ́yìn Fídíò Ìpolówó Ọjà

Fídíò ìpolówó ọjà tí kò gùn ju ìṣẹ́jú kan lọ lè ní ẹ̀tọ́ ènìyàn mẹ́wàá nínú. Ẹni tó kọ orin tó ń dún lábẹ́ rẹ̀ ní tirẹ̀. Ẹni tó gba orin náà sílẹ̀ sínú àwo ní tirẹ̀. Ẹni tó di kámẹ́rà mú ní tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ẹni tí ojú wọn hàn níbẹ̀ ní tiwọn. Àṣẹ ọ̀kan kì í dúró fún ti èkejì. Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣòwò ti ń ṣìnà gan-an nìyí: wọ́n gba àṣẹ kan, wọ́n rò pé ó ti kárí.

Ní Nàìjíríà, òfin méjì ló gba iwájú nínú ọ̀rọ̀ yìí. Òfin Ẹ̀tọ́ Oníṣẹ́-Ọpọlọ ti 2022, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹta ọdún 2023, ló ń ṣọ́ orin, àwo àti fídíò. Òfin Ìdáàbòbò Dátà, tí ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ló ń ṣọ́ àwòrán àti ohùn ènìyàn, nítorí pé ohunkóhun tí a bá lè fi dá ènìyàn mọ̀ jẹ́ dátà onítọ̀hún. Òfin kejì yìí kò bá ẹni tó ń fi fídíò ọjọ́ ìbí ránṣẹ́ sí àwọn ará ilé rẹ̀ lórí WhatsApp jà. Ohun tí ènìyàn ń ṣe fún ara rẹ̀ àti agboolé rẹ̀ kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìgbà tí fídíò kan náà bá bọ́ sójú ewé ilé ìtajà, tí nọ́ńbà fóònù àti iye owó sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ni ọ̀rọ̀ yí padà.

Àpẹẹrẹ kan lè tú u palẹ̀. Kí a sọ pé oníṣòwò aṣọ òkè kan ní Ìṣẹ́yìn fẹ́ ṣe fídíò ìṣẹ́jú kan tí yóò gbé sórí Instagram àti Facebook. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ yóò fi àwọn ahunṣọ hàn nídìí òfì. Àárín rẹ̀ yóò fi àwọn oníbàárà hàn níbi ìgbéyàwó kan ní Ìbàdàn, nínú ẹtù àti sányán tí wọ́n rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìparí rẹ̀ ni ọmọdébìnrin kan tó wọ aṣọ òkè tó ń jó. Orin jùjú àtijọ́ ló fẹ́ kí ó máa dún lábẹ́ gbogbo rẹ̀.

Orin yẹn ló le jù, nítorí pé ohun méjì ló wà nínú orin kan ṣoṣo. Àkọ́kọ́ ni orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn tí akọrin ronú gbé kalẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ ló ni ín, tàbí àwọn àrólé rẹ̀, tàbí ilé-iṣẹ́ tó fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ lé lọ́wọ́. Èkejì ni àwo, ìyẹn bí wọ́n ṣe gba orin náà sílẹ̀ lọ́jọ́ kan pàtó, pẹ̀lú àwọn onílù àti onígìtá tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Èyí sábà máa ń jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ tó náwó sí i tó sì gbé e jáde. Olórin mẹ́wàá lè kọ orin kan náà sínú àwo mẹ́wàá. Orin á ṣì jẹ́ ọ̀kan, àwo á di mẹ́wàá. Nítorí náà, akọrin tó gbajúmọ̀ lè sọ fún oníṣòwò pé, “Ẹ máa lò ó, mo fún yín,” kí ó sì jẹ́ pé kò ní ju ìdajì àṣẹ náà lọ lọ́wọ́, bí àwo bá jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Ọjọ́ tí ẹ̀tọ́ méjèèjì yóò parí kò bára mu pẹ̀lú. Ẹ̀tọ́ lórí orin wà títí di òpin 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó kọ ọ́. Ti àwo jẹ́ 50 ọdún, tí a ń kà láti òpin ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e jáde. I. K. Dáíró kú ní 1996. Bí oníṣòwò yìí bá yan orin kan tí Dáíró fúnra rẹ̀ kọ, tó sì wà nínú àwo tó jáde ní 1962, ẹ̀tọ́ orí àwo náà ti parí láti òpin 2012, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ orí orin náà wà títí di òpin 2066. Lójú òfin Nàìjíríà, kò ní í wá olówó àwo mọ́, ṣùgbọ́n yóò wá àwọn tó jogún orin náà tàbí ẹni tó ń ṣojú wọn. Tí ó bá sì jẹ́ àwo tí ẹlòmíràn tún kọ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ló gbé láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ̀tọ́ àwo tuntun yẹn wà láàyè, yóò sì wá olówó rẹ̀ pẹ̀lú. Èrò pé orin ayé àtijọ́ kò lólówó kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ rárá.

Ohun tí oníṣòwò náà nílò ni àṣẹ láti so orin mọ́ àwòrán. Àṣẹ yìí dá dúró gedegbe. Owó tí ènìyàn ń san lóṣooṣù láti gbọ́ orin lórí fóònù kò ní in nínú. Àwo tí ó rà tí ó sì wà nínú àpótí rẹ̀ kò ní in nínú. Ìwé àṣẹ tí ilé ìtajà tàbí ilé oúnjẹ gbà kí orin lè máa dún létí àwọn oníbàárà wọn kò ní in nínú pẹ̀lú, nítorí pé orin kíkọ sétí ènìyàn ní gbangba ni ìyẹn wà fún. Ẹgbẹ́ MCSN, tí ìjọba fọwọ́ sí láti máa gba owó ẹ̀tọ́ fún àwọn olórin, jẹ́ ibi tó dára láti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ẹni tó ni orin kan, ṣùgbọ́n fún ìpolówó ọjà, ọ̀dọ̀ olówó orin àti olówó àwo gan-an ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń parí sí.

Lẹ́tà tí oníṣòwò yóò kọ sí wọn kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pamọ́. Yóò dárúkọ orin àti àwo. Yóò sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó fẹ́ lò àti ohun tó fẹ́ tà, nítorí pé akọrin kan lè gbà fún aṣọ kó má gbà fún ọtí. Yóò sọ ibi tí fídíò náà yóò ti jáde, orílẹ̀-èdè tí yóò dé, àti iye oṣù tàbí ọdún tí yóò fi wà níta. Nǹkan mẹ́ta ìkẹyìn yìí ló ń pinnu owó ju gígùn orin lọ. Lílo ìdajì ìṣẹ́jú fún oṣù mẹ́fà lórí Instagram nìkan kò lè jẹ́ iye kan náà pẹ̀lú lílò ó fún ọdún mẹ́ta lórí tẹlifíṣọ̀n. Ó sì wọ́pọ̀ kí olówó orin àti olówó àwo béèrè iye kan náà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé pé bí wọ́n bá fún ẹnì kejì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ, tiwọn náà á gòkè.

Òfin sọ pé àṣẹ tí ó bá fún ẹnì kan nìkan láǹfààní láti lo iṣẹ́ gbọ́dọ̀ wà lákọsílẹ̀. Àṣẹ lásán, èyí tí olówó ṣì lè fún ẹlòmíràn, lè jẹ́ ti ẹnu. Síbẹ̀, ẹni tó bá gbára lé àṣẹ ẹnu ń gbára lé ìrántí ẹlòmíràn, àwọn àrólé tí kò sí níbi tí wọ́n ti sọ̀rọ̀ náà kì í sì í ní irú ìrántí bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan gbà pé ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tàbí ọgbọ̀n kò nílò àṣẹ. Kò sí irú gbèdéke bẹ́ẹ̀ nínú òfin. Àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún lílo iṣẹ́ ẹlòmíràn láìgbàṣẹ wà fún nǹkan bíi lílò fún ara ẹni, lámèyítọ́, ìròyìn àti ìfiṣẹ̀fẹ̀. Kíkó orin sábẹ́ ọjà kí ọjà lè tà jìnnà sí gbogbo wọn. Kíkọ orúkọ akọrin sísàlẹ̀ fídíò jẹ́ ọ̀wọ̀, kì í ṣe àṣẹ.

Ohun tó wá da ọ̀pọ̀ lójú rú ni orin tí Instagram àti TikTok fúnra wọn kó jọ fún àwọn tó ń lò wọ́n. Bí orin bá wà níbẹ̀, tí ó kàn ní kí ènìyàn tẹ̀ ẹ́, ta ni yóò rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wà níbẹ̀? Ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn ilé-iṣẹ́ yìí bá àwọn olórin ṣe jẹ́ fún ìlò ara ẹni. Ìdí nìyí tí TikTok fi ya àkójọ mìíràn sọ́tọ̀ fún oníṣòwò, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Commercial Music Library, tí Meta náà sì ní Meta Sound Collection. Oníṣòwò tó bá fi ojú ewé ara ẹni ṣe ìpolówó kí ó lè rí orin tó gbajúmọ̀ lò ti bọ́ sẹ́yìn àdéhùn náà. Orin tí wọ́n sì fún un láti lò lórí ìkànnì kan kò di tirẹ̀ láti gbé lọ sórí òmíràn.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé-ẹjọ́ ní Amẹ́ríkà. Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun mímu Bang lo orin àwọn gbajúmọ̀ nínú nǹkan bí 140 fídíò TikTok. Nígbà tí Universal Music pè é lẹ́jọ́, ó sọ pé TikTok ló kó àwọn orin náà fún òun. Ní oṣù keje ọdún 2022, ilé-ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ní Fílọ́rídà kò gba àwíjàre yẹn wọlé. Ó ní ilé-iṣẹ́ náà ti tẹ ẹ̀tọ́ olórin lójú. Ní 2024, Sony Music pe ilé-iṣẹ́ hòtẹ́ẹ̀lì Marriott lẹ́jọ́, ó ní wọ́n lo orin òun láìgbàṣẹ ní ìgbà 931. Àwọn fídíò tí àwọn gbajúmọ̀ orí íńtánẹ́ẹ̀tì bá Marriott ṣe wà lára ohun tí Sony ń ráhùn sí. Àwọn méjèèjì yanjú rẹ̀ láàrin ara wọn kí ọdún náà tó parí, nítorí náà adájọ́ kò dá a. Ohun tó hàn nínú rẹ̀ ni pé ẹni tó bá sanwó fún oníkọmẹ́dì kan láti polówó ọjà òun náà gbọ́dọ̀ béèrè irú orin tí onítọ̀hún fẹ́ lò.

Lórí YouTube, ẹ̀rọ ló máa ń kọ́kọ́ dá orin mọ̀. Bí fídíò bá gba àkọlé Copyright claim, olówó orin lè gba owó tó bá wọlé lórí fídíò náà, ó sì lè dí i pa ní àwọn orílẹ̀-èdè kan. Copyright strike le ju ìyẹn lọ: olówó ti kọ̀wé kí wọ́n yọ fídíò kúrò, bí mẹ́ta bá sì kóra jọ láàrin 90 ọjọ́, ìkànnì náà lè pa rẹ́. Àìrí ọ̀kankan nínú méjèèjì kò túmọ̀ sí pé àṣẹ wà. Ó lè jẹ́ pé olówó kò tíì rí i ni.

Bí owó orin jùjú náà bá ju agbára oníṣòwò Ìṣẹ́yìn lọ, ọ̀nà mìíràn wà. Ó lè bẹ onílù àti akọrin àdúgbò lọ́wẹ̀ kí wọ́n ṣe orin tuntun fún un. Níbi yìí ni ọ̀fìn kan wà tí ojú kì í tètè rí: lábẹ́ òfin, ẹni tó ṣe iṣẹ́ ló kọ́kọ́ ni ín, kì í ṣe ẹni tó sanwó fún un. Bí kò bá sí ìwé tó sọ pé wọ́n gbé ẹ̀tọ́ náà fún un, tàbí pé ó lè máa lò ó fún ìpolówó, gàngan tó sanwó fún lè padà wá di ẹjọ́. Ó tún lè wá orin tí olówó rẹ̀ ti yọ̀ǹda rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n kí ó ka àmì tó wà lára rẹ̀ dáadáa. CC BY gbà kí a lò ó fún òwò bí a bá dárúkọ ẹni tó ni ín. CC BY-NC kò gbà á fún òwò rárá. Orin ìbílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mọ ẹni tó kọ ọ́ náà kò ṣófo pátápátá, nítorí pé òfin ní apá kan tó dáàbò bo iṣẹ́ àjogúnbá kúrò lọ́wọ́ àwọn tó fẹ́ fi ṣòwò láìgbàṣẹ.

Ìró ibi ìgbéyàwó Ìbàdàn náà kò gbọdọ̀ kọjá láìyẹ̀ wò. Bí ẹgbẹ́ olórin tó ṣeré níbẹ̀ bá ń kọ orin ẹlòmíràn, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin àti ti àwọn tó ń ṣeré ti wà nínú fídíò. Ohun tó rọrùn jù ni kí wọ́n pa ohùn ibẹ̀ lẹ́nu mọ́ pátápátá, kí wọ́n sì fi orin tí wọ́n gbàṣẹ rẹ̀ rọ́pò rẹ̀.

Ojú ènìyàn ló kàn. Àwọn ahunṣọ lè jẹ́ òṣìṣẹ́ oníṣòwò náà, ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tó ń san fún wọn wà fún aṣọ híhun, kò sí fún ojú wọn. Àwọn tí fídíò náà dúró lé lórí yẹ kí wọ́n ní àdéhùn lákọsílẹ̀. Ìwé kan ṣoṣo ti tó, bí ó bá sọ orúkọ oníṣòwò àti ti ẹni tí wọ́n yà, ohun tí wọ́n yà àti ọjọ́ tí wọ́n yà á, pé ìpolówó ni yóò wà fún, àwọn ibi tí yóò ti jáde, iye ọdún tí yóò fi wà níta, àti owó tàbí ohun mìíràn tí ẹni náà gbà. Ó yẹ kí ó sọ pẹ̀lú bóyá wọ́n lè gé fídíò náà, kí wọ́n tún un tò, tàbí kí wọ́n lò ó fún ọjà mìíràn. Ìwé tó kàn sọ pé “mo gbà kí wọ́n lo àwòrán mi” kò pọ̀ tó. Ẹni tó gbà láti polówó aṣọ lè bá ojú ara rẹ̀ pàdé lára àgbo jẹ̀díjẹ̀dí.

Bí ahunṣọ náà kò bá mọ̀wé, òfin tó ń dáàbò bo àwọn aláìmọ̀wé ní àwọn ìpínlẹ̀ wa wọ̀ ọ́. Wọ́n ní láti ka ìwé náà fún un ní èdè tó gbọ́, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé wọ́n kà á fún un, ó sì yé e kí ó tó tẹ̀ka. Ẹni tó bá a kọ ìwé náà yóò kọ orúkọ àti àdírẹ́sì tirẹ̀ sí i. Ìtẹ̀ka lásán láìsí gbólóhùn yìí kì í lágbára nílé-ẹjọ́.

Ti àwọn èrò ibi ìgbéyàwó ṣòro díẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ayàwòrán tí ìyàwó àti ọkọ pè ló ya fídíò náà, òun ló ni iṣẹ́ rẹ̀ lójú òfin. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ fún ohun ti ara wọn, tọkọtaya náà lè dá a dúró kí ó má gbé e síta. Nítorí náà, oníṣòwò tó ra fídíò lọ́wọ́ ayàwòrán láìbá tọkọtaya sọ̀rọ̀ kò tíì ra nǹkan kan tó lè fọkàn tán. Tọkọtaya pàápàá kò lè gbà fún àlejò wọn. Ìyá tó wọ sányán tó ń náwó fún ìyàwó ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, bí aṣọ ọrùn rẹ̀ tilẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ oníṣòwò yìí.

Àwọn kan máa ń lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn pé ẹni tó bá wọlé ti gbà kí wọ́n ya òun. Ìwé bẹ́ẹ̀ ń kìlọ̀ fún ènìyàn, ó dára fún ìyẹn. Ṣùgbọ́n Òfin Ìdáàbòbò Dátà sọ pé dídákẹ́ ènìyàn kì í ṣe gbígbà rẹ̀, ẹrù ẹ̀rí sì wà lọ́rùn ẹni tó ń lo dátà náà. Ó sàn kí oníṣòwò yan oníbàárà mẹ́rin tàbí márùn-ún tí ojú wọn hàn kedere, kí ó wá wọn lọ, kí ó gba ìwé lọ́wọ́ wọn. Àwọn yòókù, kí ó yà wọ́n láti ẹ̀yìn, tàbí láti ọrùn sísàlẹ̀ kí ó jẹ́ aṣọ ló hàn, tàbí kí ó mú ojú wọn ṣú. Mímú ojú ṣú nìkan kì í tó nígbà mìíràn. Ilà ojú, ohùn, ọ̀nà ìrìn, tàbí orúkọ tí onílù ń fi gàngan pè lè fi ènìyàn hàn fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.

Ti ọmọdébìnrin tó ń jó ni kò gba àwáwí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 kò lè fọwọ́ sí i fúnra rẹ̀. Òbí tàbí alágbàtọ́ rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ ṣe é. Àǹtí tó mú un wá síbi àríyá kò tó fún ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ rẹ̀ kò tó.

Bí oníṣòwò yìí bá tún fẹ́ sanwó kí ìpolówó náà lè dé ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá tó wà ní Niu Yọ́ọ̀kì, tí wọ́n máa ń pàṣẹ aṣọ òkè láti òkèèrè, àṣẹ orin tó mọ sí Nàìjíríà kò lè gbé e débẹ̀. Àwo 1962 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan tilẹ̀ lè ṣì ní olówó lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà. Niu Yọ́ọ̀kì sì ti ní òfin láti 1903 pé ẹni tó bá fẹ́ fi orúkọ tàbí àwòrán ẹni tó wà láàyè polówó ọjà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ lákọsílẹ̀. Nílé níbí, àjọ ARCON tó ń ṣàkóso ìpolówó ọjà ń fẹ́ kí wọ́n yẹ ìpolówó wò kí ó tó jáde, ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì náà wà nínú rẹ̀. Ìwé àṣẹ wọn yàtọ̀ sí gbogbo àwọn tí a ti kà sílẹ̀, kò sì rọ́pò ọ̀kankan nínú wọn.

Ẹni tó gbà lónìí lè yí ọkàn padà lọ́la. Òfin Ìdáàbòbò Dátà fún un láyè láti gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ padà nígbàkugbà. Lílò tó ti ṣẹlẹ̀ ṣáájú kò di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n oníṣòwò gbọ́dọ̀ yọ ọ́ kúrò láti ìgbà náà lọ. Nítorí èyí ni àdéhùn tí owó wà nínú rẹ̀, tó sọ ohun tí apá kọ̀ọ̀kan yóò ṣe, fi lágbára ju ìwé ìyọ̀ǹda lásán lọ fún àwọn tí gbogbo fídíò dúró lé lórí. Ìtanràn tí òfin náà là sílẹ̀ fún oníṣòwò kékeré lè tó mílíọ̀nù méjì náírà, tàbí ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wọlé fún un lọ́dún tó ṣáájú, èyí tó bá pọ̀ jù nínú méjèèjì.

Ohun tó kù ni ọjọ́ ìparí. Àṣẹ ọdún kan tí oníṣòwò Ìṣẹ́yìn gbà lórí orin yóò parí, fídíò yóò sì ṣì wà lójú ewé rẹ̀ bí ẹnikẹ́ni kò bá yọ ọ́. Lójú olówó orin, fídíò tí a gbé síta lọ́dún tó kọjá tí ènìyàn ṣì lè tẹ̀ lónìí wà ní lílò lónìí. Kí ó kọ ọjọ́ tí àṣẹ kọ̀ọ̀kan yóò parí sára ẹ̀dà fídíò tó fi pamọ́, pẹ̀lú àwọn ìwé tí ènìyàn fọwọ́ sí. Bí ọjọ́ náà bá ku oṣù kan, kí ó yan ọ̀kan nínú mẹ́ta: kí ó sanwó sí i, kí ó fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó yọ fídíò náà kúrò, títí kan ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá a ta ọjà.